Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Purọ́, TPM Ni Kí A Bi

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn olùṣèwádìí iléeṣẹ́ ESET gbé àlàyé jáde lórí fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ BlackLotus. Kí Windows tó jí rárá ló ti ń wọlé. Ààbò tí wọ́n ń pè ní Secure Boot wà ní títàn, síbẹ̀ ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì ń pa BitLocker àti Defender lẹ́nu mọ́. Ohun tó ba alábòójútó kọ̀ǹpútà nínú jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹni tó gba ìpìlẹ̀ lè kọ́ gbogbo ohun tó wà lókè ní irọ́. Bí sáfà bá béèrè bóyá àlàáfíà ni kọ̀ǹpútà náà wà, fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló lè dáhùn pé àlàáfíà ni. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí tí kò gbé abẹ́ Windows tàbí Linux ni a ń wá. Ṣíìpù kékeré tó ń jẹ́ TPM ni ẹlẹ́rìí ọ̀hún.

Láti ìgbà tí a bá ti tẹ bọ́tìnì, ọwọ́ dé ọwọ́ ni iṣẹ́ ń lọ: fámúwíà inú mọ́dàbọ́ọ̀dù á pe ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà, ìyẹn náà á pe kánẹ́ẹ̀lì. Kí ẹnì kan tó fi iṣẹ́ lé ẹnì kejì lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò háàṣì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí a fi ń dá fáìlì mọ̀, tó máa ń yí padà pátápátá bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí nínú fáìlì náà. Inú TPM ló máa ń kó háàṣì yìí sí, nínú àwọn àpótí tí à ń pè ní PCR. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Nínú PCR 0 ni a ti ń rí fámúwíà, nínú PCR 4 ni a ti ń rí ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà, PCR 7 ló sì ń sọ bí Secure Boot ṣe wà.

TPM kì í pa ohun àtijọ́ rẹ́ láti kọ tuntun. Ńṣe ló ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, tó sì ń tún gbogbo rẹ̀ ṣírò:

```
PCR = SHA256(PCR || digest)
```

Kò sí àṣẹ kankan tí èèyàn lè pa tí yóò mú PCR wọ̀nyí padà sí nọ́ńbà tó wù ú. Àfi kí a pa kọ̀ǹpútà náà, kí a tún un tàn, kí gbogbo ìṣirò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ má ṣe rò pé TPM ń dá ẹnikẹ́ni dúró o. Mẹ́gáàdì tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé sínú ìwé ni, tí kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kankan. Iṣẹ́ pé ta ni kó wọlé wà lọ́wọ́ Secure Boot àti sáfà.

Ìwé náà kò wúlò tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Sáfà iléeṣẹ́ á fi nọ́ńbà kan tí a kò lò rí ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, TPM á kó nọ́ńbà yẹn pọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú PCR, á sì fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ buwọ́ lù ú. Lórí Linux, àṣẹ rẹ̀ rí báyìí:

```
tpm2_quote -c ak.ctx -l sha256:0,4,7 -q $NONCE \
  -m quote.msg -s quote.sig -o quote.pcrs -g sha256
```

Nítorí nọ́ńbà tuntun yẹn, ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀rí àná jíṣẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù náà kò níye lórí bí a kò bá mọ ẹni tó ni ọwọ́. TPM kan wà tó jẹ́ sọ́fítíwíà lásán, ó sì lè buwọ́ lu ohunkóhun tí olówó rẹ̀ bá fẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí a bá forúkọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, sáfà gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ṣe ṣíìpù náà fi sínú rẹ̀ wò, kó sì rí i dájú pé inú ṣíìpù yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń buwọ́ lù ú ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ó ṣe máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní iléeṣẹ́ kan ní igba kọ̀ǹpútà alágbèéká, oríṣi kan náà, Linux ló wà lórí gbogbo wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n fi fámúwíà tuntun ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, sáfà ní ogójì nínú wọn kò yege. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí alábòójútó ní ni àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ńbà PCR tó tọ́, ogójì èèyàn ni kò ní lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yẹn.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò ni PCR tó yí padà. Lórí mọ́kàndínlógójì, PCR 0 nìkan ló yí, nọ́ńbà tuntun kan náà ló sì wà lórí gbogbo wọn. Àmì àtúnṣe fámúwíà nìyẹn: bákan náà ló ń yí gbogbo wọn padà. Láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kó mú kọ̀ǹpútà kan nínú ọ́fíìsì, kó fi fámúwíà yẹn sí i fúnra rẹ̀, kó sì wò ó bóyá nọ́ńbà yẹn náà ló máa gbé jáde. Èyí tó ṣẹ́kù, PCR 4 rẹ̀ náà yí. Fámúwíà kọ́ ló ṣe ìyẹn.

Níbí ni ìwé àkọsílẹ̀ ti wọlé:

```
tpm2_eventlog /sys/kernel/security/tpm0/binary_bios_measurements
```

Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí háàṣì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Fáìlì lásán ni, èèyàn lè yí i. Àmọ́ bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, tí a fi ìlànà òkè yẹn ṣírò àwọn háàṣì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ sí nọ́ńbà tí TPM buwọ́ lù. Bí a bá gúnlẹ̀ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yọ háàṣì kan kúrò, kò sì fi kún un. Bí a kò bá gúnlẹ̀ síbẹ̀, ìwé yẹn kò ṣeé gbà gbọ́.

Lórí kọ̀ǹpútà yìí, ìṣirò gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà `EV_EFI_BOOT_SERVICES_APPLICATION` kan wà ṣáájú `shim`, tí kò sí lára àwọn yòókù. Ọ̀nà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní láti `USB` ni ètò náà ti wá. Kí alábòójútó má ṣe gbára lé ọ̀nà yẹn. Háàṣì ètò náà nìkan ló wọ inú PCR. Àlàyé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò wọ̀ ọ́, ọ̀tá sì lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀ láìba ìṣirò jẹ́. Kó má sì fi `sha256sum` wá ètò náà, nítorí fámúwíà kì í ka apá tí ìbuwọ́lù wà nínú fáìlì bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì kò ní bára mu láé. Èyí ló yẹ kó lò:

```
pesign --hash --in=grubx64.efi
```

Ó lè jẹ́ fúláàṣì tí òṣìṣẹ́ náà fi ń tan Linux mìíràn nílé ló gbàgbé sára kọ̀ǹpútà. Ó sì lè jẹ́ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀. TPM kò mọ ìdí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló lè sọ. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo yẹn ni sáfà máa fi ìwé àṣẹ VPN dù títí tí wọn á fi wádìí, àwọn mọ́kàndínlógójì á máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ibì kan wà tí agbára ẹ̀rí yìí mọ. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń tàn ló ń wọ̀n. Bí kọ̀ǹpútà bá ti wà ní títàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìbuwọ́lù lè jẹ́ tòní, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló ń jẹ́rìí sí. Nọ́ńbà `resetCount` wà nínú ẹ̀rí náà, ó sì máa ń lé sí i nígbà tí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a tún tàn án. Bí kò bá yí láti ìgbà tó kọjá, a jẹ́ pé kò tíì sí ìwọ̀n tuntun. Ohun tó bá wọlé lẹ́yìn títàn kò sí nínú PCR 0, 4 tàbí 7. Lórí Linux, IMA lè máa kọ fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ sínú PCR 10, àmọ́ àkọsílẹ̀ tirẹ̀ máa ń gùn gan-an, iṣẹ́ mìíràn sì ni láti máa bójú tó o. Ẹni tí kò bá tíì ṣe tán fún ìyẹn, kó ṣòfin pé kọ̀ǹpútà tí `resetCount` rẹ̀ kò bá yí láàárín ọjọ́ méje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú kó tún tàn kó tó wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.