Ìkọmànà Funfun Nínú Géèmù: Ìdí Tí Kì Í Fi Í Yọ Dáadáa Lórí Àwọn Fóònù Kan

Bí ọta ọdẹ bá ba ìkookò nínú géèmù, gbogbo ara ìkookò náà á funfun báláú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọ̀ rẹ̀ á sì padà kí ojú tó ṣẹ́. Ó jọ ìgbà tí mànàmáná bá kọ, ìdí nìyẹn tí orúkọ ìkọmànà funfun fi yẹ ẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣeré mọ̀ pé ọta òun kò tàsé. Kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Síbẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ìkọmànà náà á yọ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ géèmù, ṣùgbọ́n tí géèmù bá dé orí àwọn fóònù kan, ìkọmànà á máa yọ nígbà kan, kò ní yọ nígbà mìíràn, tàbí kí ìkookò funfun kó má tètè padà sí àwọ̀ rẹ̀. Bí ṣíìpù àwòrán inú fóònù ṣe ń ka nọ́ńbà ló sábà ń fa èyí.

Ìkookò tó wà lójú géèmù jẹ́ sípíráìtì, ìyẹn àwòrán pẹlẹbẹ kan tí géèmù ń gbé kiri. Àwòrán náà kún fún àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí à ń pè ní píkísẹ́lì, nọ́ńbà mẹ́ta sì ni àwọ̀ píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún ewéko, ọ̀kan fún búlúù. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà láàárín 0 sí 1. Bí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 1, funfun ni. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti yí àwọ̀ sípíráìtì padà ni kí a fi àwọ̀ mìíràn sọ ọ́ di púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kò lè sọ ìkookò di funfun. Funfun jẹ́ 1, ohunkóhun tí a bá sì fi 1 sọ di púpọ̀, bó ṣe wà ló máa wà. Nítorí náà ni olùkọ géèmù ṣe ní láti kọ ṣédà, ìyẹn ètò kékeré tí ṣíìpù àwòrán ń ṣe lórí píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan kó tó yà á sójú fóònù. Ṣédà á po àwọ̀ ìkookò pọ̀ mọ́ funfun ní ìwọ̀n tí a bá sọ fún un.

Ṣédà tó tẹ̀ lé e yìí jọ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ kọ:

```
#ifdef GL_ES
precision mediump float;
#endif
varying vec2 v_uv;
uniform sampler2D u_tex;
uniform float u_time;
uniform float u_hit;

void main() {
  vec4 c = texture2D(u_tex, v_uv);
  float f = 1.0 - (u_time - u_hit) / 0.1;
  f = clamp(f, 0.0, 1.0);
  c.rgb = mix(c.rgb, vec3(1.0), f);
  gl_FragColor = c;
}
```

`u_time` ni aago géèmù, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ìgbà tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀. `u_hit` ni àkókò tí ọta ba ìkookò. Ṣédà á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, á pín èsì rẹ̀ sí 0.1, á sì fi èyí mọ ìwọ̀n funfun tó yẹ kó pò mọ́ àwọ̀. Bí ọta bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á, `f` á jẹ́ 1, ìkookò á funfun pátápátá. Lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, `f` á ti di 0. Ìṣirò náà tọ́, kọ̀ǹpútà á sì máa ṣe é bó ṣe yẹ láti àárọ̀ di alẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó dá ìyàtọ̀ sílẹ̀ ni `mediump` tó wà lókè ṣédà. Ó ń sọ fún ṣíìpù pé ìṣirò onípele àárín ti tó, kò nílò èyí tó péye jù. Kọ̀ǹpútà kì í ka ọ̀rọ̀ náà sí. Yálà wọ́n kọ ọ́ tàbí wọn kò kọ ọ́, bíìtì 32 ló ń lò fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ṣíìpù fóònù ní tiwọn máa ń tẹ̀ lé e, wọ́n á sì fi bíìtì 16 péré ṣe ìṣirò, nítorí pé èyí yá jù, kì í sì í tètè jẹ bátìrì. Wọn kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. OpenGL ES 2.0, ìlànà ìyàwòrán fóònù tó jáde ní 2007, fi àyè gba ṣíìpù pé kó má tilẹ̀ ní ju ìpele àárín lọ nínú ṣédà píkísẹ́lì. Mali-400, ṣíìpù tó wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù Android olówó pọ́ọ́kú, wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí bíìtì 16 ń ṣe sí nọ́ńbà á yé ènìyàn bó bá ronú kan téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ṣùgbọ́n tí ilà ara rẹ̀ ń jìnnà síra bí téèpù náà bá ṣe ń gùn sí i. Láàárín 1 sí 2, ilà 1,024 ló wà lórí rẹ̀. Láàárín 2 sí 4, ilà 1,024 náà ni, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gùn tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Láàárín 4 sí 8, 1,024 yẹn náà ni. Nígbà tí téèpù bá dé àárín 64 sí 128, àlàfo tó wà láàárín ilà kan sí èkejì ti di 0.0625. Láàárín 128 sí 256, ó ti di 0.125. Láàárín 512 sí 1,024, ìdajì odidi ni. Nọ́ńbà tó bá bọ́ sáàárín ilà méjì kò ní ibi tí yóò dúró sí, wọ́n á tì í lọ sórí ilà tó bá sún mọ́ ọn jù.

Aago géèmù náà ń gùn bíi téèpù yìí. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ilà ṣì sún mọ́ra, ìkọmànà á sì yọ dáadáa. Tí géèmù bá ti lo ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, aago ti kọjá 128, àlàfo ilà sì ti di 0.125. Èyí ju 0.1 tí ìkọmànà fẹ́ lò lọ. Láti ibẹ̀ lọ, ṣédà kò lè rí àárín ìkọmànà mọ́, ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin nìkan ló lè rí.

Ká sọ pé ọta ba ìkookò nígbà tí aago wà ní 200.05. Ilà tó wà nítòsí ni 200 àti 200.125, 200 ló sì sún mọ́ ọn jù, nítorí náà `u_hit` á di 200. Aago fúnra rẹ̀ náà á máa ka 200 títí tó fi máa kọjá 200.0625, lẹ́yìn náà ni yóò fò sí 200.125. Bó bá ti fò báyìí, ìyàtọ̀ àárín wọn di 0.125, `f` sì di 0 lójú ẹsẹ̀. Ìkookò funfun fún 0.0125 ìṣẹ́jú àáyá péré. Fóònù tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń lo bíi 0.0167 lórí àwòrán kan, nítorí náà ojú lè má rí funfun yẹn rárá. Bí ọta kejì bá bà á ní 200.07, ilà 200.125 ni `u_hit` máa lọ, aago á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí di 200.1875. Ìkookò á funfun fún bíi 0.12, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bí olùkọ géèmù ṣe fẹ́ ẹ. Ìbọn kan náà ni, ìkookò kan náà ni, ọ̀kan yọ, èkejì kò yọ.

Bí eré bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ó ń burú sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí aago ti dé 600, ọta tó bá ba ìkookò ní 600.26 á sọ ọ́ di funfun fún bíi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó bá bà á ní 600.24 kò sì ní fi àmì kankan hàn.

Àwọn tó ń fi ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ka aago máa ń tètè bá wàhálà pàdé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tó tóbi jù tí bíìtì 16 lè gbà ni 65,504, aago irú èyí á sì kọjá ibẹ̀ kí géèmù tó lo ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò dọ́gba lórí gbogbo ṣíìpù. Èyí tó bá dá aago dúró sí 65,504 lè máa fi ìkookò tí ọta bá bà lẹ́yìn ìgbà náà sílẹ̀ ní funfun títí géèmù á fi parí. Lórí òmíràn, àwọ̀ ìkookò lè dàrú tàbí kí ìkọmànà kú pátápátá.

Láti mọ̀ bóyá àrùn yìí ló ń ṣe géèmù kan, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì tún un ṣí. Bí ìkọmànà bá padà yọ dáadáa ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tó tún bàjẹ́ lẹ́yìn náà, aago ló ń dà á rú. Ẹni tí kò fẹ́ dúró lè bẹ̀rẹ̀ aago géèmù láti 600 dípò 0, àléébù náà á sì jáde lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Orí fóònù gan-an ni kí wọ́n ti dán an wò, nítorí pé fóònù àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń lo ṣíìpù kọ̀ǹpútà náà. Àṣẹ `glGetShaderPrecisionFormat` tún lè jẹ́rìí sí i. Bí wọ́n bá fi bi ṣíìpù léèrè nípa `GL_MEDIUM_FLOAT`, èyí tó ń lo bíìtì 16 á dáhùn pé 10, èyí tó ń lo 32 á dáhùn pé 23.

Àtúnṣe tó dára jù ni kí aago má wọ inú ṣédà rárá. Kí géèmù fúnra rẹ̀ ṣe ìyọkúrò àti ìpínlẹ̀ náà, níbi tí nọ́ńbà ti péye, kó sì fi èsì nìkan ránṣẹ́:

```
float f = 1.0f - (now - hit) / 0.1f;
if (f < 0.0f) f = 0.0f;
glUniform1f(flash_loc, f);
```

Nínú ṣédà, `u_flash` á rọ́pò `u_time` àti `u_hit`, ìlà kan ṣoṣo á sì ṣe iṣẹ́ náà:

```
c.rgb = mix(c.rgb, vec3(1.0), u_flash);
```

Nọ́ńbà tó ń wọlé báyìí kò ju 1 lọ, ibẹ̀ sì ni ilà téèpù ti sún mọ́ra. Láàárín 0.5 sí 1, àlàfo wọn kò ju 0.0005 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìpele àwọ̀ tó kéré jù tí ọ̀pọ̀ ojú fóònù ń fi hàn jẹ́ bíi 0.004. Bíìtì 16 wá tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù.

Àwọn mìíràn máa ń fi `highp` rọ́pò `mediump`. Èyí á ṣiṣẹ́ lórí ṣíìpù tó bá ní in, ìlànà OpenGL ES 3.0 ti 2012 sì ti sọ ọ́ di dandan. Kò ran Mali-400 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé wọn kò ní ohun tí wọ́n máa fi ṣe é nínú ṣédà píkísẹ́lì.

Ó ku irú ìkùnà kan tí kò gbọ́dọ̀ dàrú mọ́ èyí. Bí ìkookò kò bá funfun rí láti ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, tàbí tí kò tilẹ̀ sí lójú fóònù rárá, a jẹ́ pé fóònù kọ ṣédà náà ni. Ó lè jẹ́ pé wọn kò kọ ìlà `precision` sí i, tàbí pé wọ́n kọ `1` níbi tó yẹ kí wọ́n kọ `1.0`, ohun tí kọ̀ǹpútà sábà máa ń fojú fò ṣùgbọ́n tí ìlànà fóònù kì í gbà. Ìṣirò kọ́ ni èyí, ìdúró kò sì ní yí i padà. Àṣẹ `glGetShaderInfoLog` á ka àṣìṣe náà jáde, á sì sọ ìlà tó wà.