Nígbà Tí Owó Ìpolówó Bá Kọjá Àdéhùn

Lórí Ads Manager, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìpolówó Facebook, èèyàn gbọ́dọ̀ yan bí owó yóò ṣe máa jáde. "Daily budget" ni iye tí yóò máa jáde lójoojúmọ́. "Lifetime budget" ni àpapọ̀ owó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí èèyàn bá ṣèèṣì kọ àpapọ̀ owó sí ojú ti ojoojúmọ́, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í dà nù.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta léèsì ní Èkó. Òun àti àwọn tó ń bá a polówó ṣàdéhùn ₦140,000 fún ọjọ́ 14, ìyẹn ₦10,000 lóòjọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òṣìṣẹ́ kan tẹ 140,000 sí "Daily budget". Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ₦412,600 ti kúrò lórí káàdì ìyá náà.

Wọ́n kọ́kọ́ pa ìpolówó náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí "Activity history", tó ń fi ẹni tó yí nǹkan padà àti àkókò tó ṣe é hàn, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà ìmeèlì tó kàn:

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Àwa la ṣàṣìṣe lórí ìpolówó yín: ₦412,600 ló jáde dípò ₦140,000, àlékún rẹ̀ jẹ́ ₦272,600. Owó gbogbo ọjọ́ 14 la tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ọjọ́ kan. A ti pa ìpolówó náà láago mẹ́jọ òwúrọ̀ yìí, a sì ti bẹ Facebook kí wọ́n dá àlékún náà padà. Bí wọ́n bá kọ̀, àwa la máa san án. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe bínú, Mà."

Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí ìyá náà, kí ọkọ rẹ̀, kí àwọn ọmọ, kí wọ́n tó dárúkọ owó. Ní tèmi, ẹni tí báǹkì ti fi alẹ́ẹ̀tì jí kò ní sùúrù fún ìyẹn.

Wọn ò ṣèlérí pé Facebook á dá owó padà, wọ́n sì gbọ́n. Ẹ̀rọ náà ná iye tí wọ́n ní kó ná ni, àwọn èèyàn sì rí ìpolówó náà lóòótọ́. Ẹ̀bẹ̀ lásán ni wọ́n ń bẹ̀. Ìdí nìyí tí gbólóhùn "àwa la máa san án" fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìyá náà lè ní kí báǹkì fipá gba owó náà padà, Facebook sì lè torí ẹ̀ ti àkáǹtì ìpolówó rẹ̀ pa.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí lẹ́tà náà kò mẹ́nu bà: ọjọ́ 11 tí léèsì kò ní ní ìpolówó mọ́. Bí Facebook bá sì gbà, kírẹ́díìtì ni wọ́n lè fún un, èyí tí kò ṣeé ná ju lórí ìpolówó lọ. Kírẹ́díìtì yẹn lè gbé àwọn ọjọ́ náà, àmọ́ náírà ni ìyá náà fi sílẹ̀, náírà ló sì yẹ kí wọ́n dá padà fún un.