Bí A Ṣe Ń Po Iyọ̀ Ìdápadà Omi Ara àti Bí A Ṣe Ń Lo Síǹkì fún Ọmọ tí Ó Ń Yàgbẹ́ Gbuuru

Nígbà tí ọmọdé bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi àti iyọ̀ tí ó ń bá ìgbẹ́ jáde lára rẹ̀ ni ó sábà máa ń fi ẹ̀mí rẹ̀ sínú ewu. Ohun tí a fi ń dá wọn padà ni ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kékeré tí a kọ ORS sí lára. Iyọ̀ àti gúlúkóòsì wà nínú rẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ìfun, wọn a jọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, omi a sì tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyí tí omi lásán kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìwọ̀n omi tí a fi pò ó ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìyá mìíràn lè da gbogbo ìyẹ̀fun náà sínú ife omi kan ṣoṣo, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ òun kò lè mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ jù. Dípò kí omi wọ inú ara, ṣe ni yóò máa fa omi láti inú ara bọ́ sínú ìfun. Ìgbẹ́ náà a pọ̀ sí i, òùngbẹ a máa gbẹ ọmọ, gìrì sì lè gbé e. Bí omi bá sì pọ̀ jù, iyọ̀ inú rẹ̀ kò ní tó. Kò yẹ kí a fi ojú pín ìyẹ̀fun náà, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣúgà, iyọ̀ tàbí mílíìkì kún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ oṣù 14 kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ti yàgbẹ́ gbuuru ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti òwúrọ̀. Kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ka ara ọ̀rá ìyẹ̀fun náà, nítorí òmíràn wà fún lítà 1, òmíràn sì wà fún ìdajì lítà tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ti lítà 1 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi inú ọ̀rá tí a kọ 50cl sí lára, méjì rẹ̀ ni lítà 1. Ìgò omi 75cl kan kò tó. Àfi kí ó fi ìdajì omi ọ̀rá kan kún un. Bí omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ni ó ní, kí ó sè é kí ó sì jẹ́ kí ó tutù kí ó tó pò ó. A kì í se omi náà lẹ́yìn tí a bá ti pò ó.

Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó da omi náà sínú ohun èlò mímọ́, kí ó da gbogbo ìyẹ̀fun sí i, kí ó rò ó títí yóò fi yòrò, kí ó sì dé e. Bí ó bá tọ́ ọ wò, kò yẹ kí ó níyọ̀ ju omijé lọ.

Nítorí pé ọmọ náà kò tíì pé ọdún 2, ìdá mẹ́rin ife sí ìdajì ife ni yóò máa mu lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó ti pé ọdún 2 lè mu ìdajì ife sí ife kan. Ṣíbí ni kí ìyá fi máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ṣíṣíbí. Kí ó máa fún un lọ́mú àti ní oúnjẹ. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 24, kí ó dà á nù, kí ó po òmíràn.

Oògùn síǹkì ń tún ara ìfun ṣe. Ọmọ oṣù 6 sókè yóò lo hóró kan tí ó jẹ́ mílígíráàmù 20 lójúmọ́. Èyí tí kò tíì pé oṣù 6 yóò lo ìdajì. A lè fi ọmú tí a fún sínú ṣíbí tàbí omi mímọ́ yọ́ ọ. Ó kéré tán, ọjọ́ 10 ni a ó lò ó, àní bí ìgbẹ́ náà bá tilẹ̀ dúró ní ọjọ́ kẹta, nítorí àwọn ọjọ́ ìyókù ni yóò dín bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe lè tètè padà wá kù.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bí ó bá ń bi ohun gbogbo, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí gìrì bá gbé e, tàbí bí ó bá ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti jìn sínú. Ẹ fi ìka méjì ká awọ ikùn rẹ̀ sókè kí ẹ sì jù ú sílẹ̀: bí kò bá padà kíákíá, omi ara rẹ̀ ti dínkù púpọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, àti èyí tí ìgbẹ́ náà ti pé ọjọ́ 14 lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró sí ilé. Bí ọmọ bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ máa fún un ní omi tí ẹ ti pò náà títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn.