Fídíò Kan Péré, Ní Ìwọ̀n Tí Ẹ Fẹ́

Ẹ fún yt-dlp ní àdírẹ́sì fídíò kan láìfi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, èyí tó mọ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí ìkànnì náà ní ni yóò lọ gbé wá. Ohun tó ń jẹ dátà ẹlòmíràn tán nìyẹn: fídíò tí a fẹ́ wò lórí fóònù á dé ní ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ọ̀fẹ́ ni ètò yìí, ara youtube-dl àtijọ́ ni wọ́n ti fà á yọ. Kò ní bọ́tìnì kankan. Àṣẹ la ń tẹ̀ fún un nínú fèrèsé táámínà.

Ẹ jẹ́ ká fi Big Buck Bunny ṣe é, àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa ehoro ńlá kan tí àwọn Blender Foundation gbé jáde ní 2008. Mo mú un nítorí pé àwọn tó ṣe é ti yọ̀ǹda fún gbogbo ayé láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, bí a bá ṣáà ti dárúkọ wọn. Iṣẹ́ oníṣẹ́ tí kò ní irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀, ẹ tọrọ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á sílẹ̀. Òfin Yútúùbù fúnra rẹ̀ kò fàyè gba kí a kàn máa kó fídíò lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀:

```
yt-dlp -F "https://www.youtube.com/watch?v=aqz-KE-bpKQ"
```

F ńlá ni o, torí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni f kékeré ń ṣe. Ẹ má yọ àmì ìfàyọ̀ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àdírẹ́sì náà: bí àmì & bá wà nínú àdírẹ́sì tí kò ní in, táámínà á rò pé àṣẹ ti parí níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí `list=` nínú àdírẹ́sì, ẹ fi `--no-playlist` kún àṣẹ yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ odidi àkójọ fídíò ló lè máa wọlé.

Kò ní gba nǹkan kan sílẹ̀. Tábìlì kan ni yóò tẹ̀ jáde. Nọ́ńbà tí a ó fi pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ID. Lábẹ́ RESOLUTION, ẹ ó rí irú 854x480: píkísẹ́lì 854 ní ìbú, 480 ní òró. Òró yìí ni àwọn ènìyàn ń pè ní 480p. Ohun tó máa ń ya ẹni tó kọ́kọ́ rí tábìlì yìí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ìlà àwòrán ni wọ́n kọ `video only` sí, a sì kọ `audio only` sí àwọn mìíràn. Yútúùbù ya àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn, kí ohùn kan náà lè bá àwòrán ìwọ̀n yòówù lọ. Nítorí náà nọ́ńbà méjì la ó mú. Lórí Yútúùbù, 135 sábà máa ń jẹ́ àwòrán 480p tí fóònù àtijọ́ pàápàá lè ṣí, 140 sì ni ohùn tó bá a mu.

Iye dátà tí yóò jẹ wà lábẹ́ FILESIZE. Bí kò bá sí níbẹ̀, TBR sọ iye kílóbíìtì tó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù yìí gba ìṣẹ́jú àáyá 635. Bí TBR àwòrán bá jẹ́ 500k, ẹ fi 500 sọ 635 di púpọ̀, kí ẹ fi 8 pín in: ó tó mẹgabáìtì 40. Ohùn tirẹ̀ kò ju bíi 10 lọ.

```
yt-dlp -f 135+140 "https://www.youtube.com/watch?v=aqz-KE-bpKQ"
```

ffmpeg ló ń so méjèèjì pọ̀, kì í ṣe yt-dlp. Bí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà, fáìlì méjì lẹ ó bá: ọ̀kan tó ní `.f135` nínú orúkọ, àwòrán láìsí ohùn, èkejì tó ní `.f140`, ohùn lásán. Fáìlì kò bàjẹ́. Ẹ fi ffmpeg sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ máa ka tábìlì lójoojúmọ́ lè tẹ èyí:

```
yt-dlp -S "res:480" "https://www.youtube.com/watch?v=aqz-KE-bpKQ"
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó mú èyí tó tóbi jù láìkọjá 480. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ẹ̀gbẹ́ tó kéré jù ló ń wọ̀n, kò sì ní ṣi fídíò tí wọ́n gbé fóònù dúró gbọọrọ yà mú. Ṣùgbọ́n bí ìkànnì kò bá ní ohunkóhun tó tó 480 sísàlẹ̀, èyí tó kéré jù nínú àwọn tó kọjá 480 ni yóò gbé wá, láìbi yín léèrè.

Bí tábìlì bá ṣófo ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè jẹ́ pé yt-dlp yín ti gbó; Yútúùbù kì í yé yí nǹkan padà. Ẹ tẹ `yt-dlp -U`, tàbí bó bá jẹ́ pip lẹ fi gbé e wọlé, ẹ fi pip tún un ṣe. Láti ìparí 2025 pẹ̀lú, ó ń fẹ́ irú ètò bíi Deno lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó lè rí gbogbo ìwọ̀n tó wà lórí Yútúùbù.

Kí fídíò tó máa wọlé, ìlà kan á jáde tó sọ pé `Downloading 1 format(s): 135+140`. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ Ctrl+C lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pa fáìlì `.part` tó bá ṣẹ́ kù rẹ́.