Bí Òṣìṣẹ́ Bá Dìde Lórí Àìsàn: Èsì Tó Yẹ Kí Ọ̀gá Rẹ̀ Kọ

Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ nílùú Ìbàdàn, lẹ́tà kan sì wà níbẹ̀ tí mo ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ọkùnrin kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ nínú jàǹbá ọkọ̀ ló kọ ọ́. Ó ní ká jọ̀ọ́ bá òun pààrọ̀ àga òun, ká sì gba òun láyè kí òun máa dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa kọ "Mo ti rí i" sí etí lẹ́tà náà, ó ní kí n fi í sínú fáìlì. Mo fi í síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. A ò kọ̀ fún un, a ò ṣáà dá a lóhùn ni. Lójú tirẹ̀, ọ̀kan náà ni méjèèjì, òótọ́ sì ni.

Lójú òfin náà, dídákẹ́ lè di ìyàsọ́tọ̀. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá láti 2007, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2010. Àdéhùn yẹn sọ pé bí àtúnṣe kan bá wà tó yẹ, tí kò sì ní wọ agbanisíṣẹ́ lọ́rùn kọjá agbára rẹ̀, ìyàsọ́tọ̀ ni kí ó fi du òṣìṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tiwa tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá du akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lè san owó ìtanràn fún un, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ₦500,000. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù nìkan ni òfin náà ń bójú tó. Bí àìsàn bá fi ohun kan sílẹ̀ lára ènìyàn, tó sì dájú pé ohun náà yóò pẹ́ níbẹ̀, tó sì ń dí i lọ́wọ́, ó lè gba ìwé ẹ̀rí, ti ìgbà díẹ̀ tàbí ti títí láé, òfin yóò sì dúró tì í.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò burú. Wọn ò ṣáà mọ ohun tí èsì yẹ kó ní nínú ni. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tẹ̀ lé e dópin. Ká ní obìnrin kan wà, ẹni ọdún 46, tó ń ṣe akọ̀wé ìṣirò owó níléeṣẹ́ tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó sì lo oṣù márùn-ún nílé. Ó ti ń rìn báyìí, ó ń sọ̀rọ̀ ketekete, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lágbára. Ó kọ̀wé pé òun fẹ́ padà, ó sì béèrè ohun mẹ́rin: kí wọ́n gbé òun kúrò ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wákàtí iṣẹ́ òun kọ́kọ́ kéré, kí òun má gbé páálí fáìlì mọ́, kí òun sì máa ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Èsì àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kò sì ní láti gùn. Ẹ kí i káàbọ̀, ẹ sọ pé ẹ ti rí ohun mẹ́rin tó béèrè, kí ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó jókòó pọ̀. Ẹ má ṣèlérí kankan níbẹ̀, ẹ má sì kọ ohunkóhun. Ẹni tó ti pẹ́ nílé máa ń ka gbogbo gbólóhùn bóyá wọ́n fẹ́ lé òun ni. Ọjọ́ ìpàdé tó wà lórí ìwé máa ń fọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ohun tó kàn ni ọ̀rọ̀ dókítà, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti máa ń dàrú. Ọ̀gá á kọ̀wé sí ọsíbítù pé, "Ṣé ara rẹ̀ ti yá tó láti ṣiṣẹ́?" Dókítà, tí kò dé iléeṣẹ́ náà rí, á dáhùn pé kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ fẹ́rẹ́. Kí ni iṣẹ́ fẹ́rẹ́? Lójú dókítà, jíjókòó ti kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n akọ̀wé wa yìí, wákàtí mẹ́jọ ló fi ń wo nọ́ńbà, ìyẹn gan-an ló sì ń tán an lágbára. Ẹ má béèrè bóyá ara ti yá. Ẹ bá òṣìṣẹ́ yín sọ ọ́ kó fọwọ́ sí i, kí ẹ wá bi dókítà ní ìbéèrè tó ṣe é dáhùn: Ṣé ó lè gun àtẹ̀gùn 24 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́? Wákàtí mélòó ló lè fi jókòó ti iṣẹ́ ìṣirò kó tó sinmi? Ṣé ó lè gbé ẹrù kílò márùn-ún? Ìgbà wo ló yẹ ká tún béèrè? Ẹ ò nílò orúkọ oògùn tó ń lò tàbí bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ nìkan ni kí ẹ béèrè.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ má jókòó sínú ọ́fíìsì nìkan. Ẹ bá a rìn yípo ibi iṣẹ́. Bí ẹ bá bá obìnrin yìí dé ìdí àtẹ̀gùn, ẹ ó rí ohun tí lẹ́tà kò sọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni irin tí wọ́n ń dì mú wà, ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń gòkè ló sì bọ́ sí, ìyẹn ọwọ́ tí kò lágbára. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, irin náà á bọ́ sí ọwọ́ òsì, á sì sọ̀ wẹ́rẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìsí wàhálà, tí ẹ wá rò pé ó ń ṣe àṣejù, ẹ ti ṣì í wò nìyẹn. Bí ilé yín bá ní lífítì, ẹ rántí pé ọjọ́ tí kò bá síná, kò sí lífítì. Yàrá ìsàlẹ̀ ló dájú jù, kò sì náni ju ká gbé tábìlì kan sọ̀, ká gbé òmíràn gòkè. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé ènìyàn wá sí ìsàlẹ̀, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin sì wà lókè.

Ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ ló gba sùúrù jù. Lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, àárẹ̀ kan wà tí kì í hàn lójú. Ọpọlọ tí apá kan rẹ̀ ti bàjẹ́ ń lo agbára púpọ̀ láti ṣe ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, gbogbo nǹkan á dára. Ní aago méjì ọ̀sán, á kọ 36 síbi tó yẹ kó kọ 63. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ó ń ṣe ọ̀lẹ, torí wọ́n rí i tó ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àárẹ̀ ni tàbí àìkọbiara, ẹ wo aago tí àṣìṣe wáyé. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni wọ́n kó ara wọn jọ sí, àárẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ fi iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ sí àárọ̀, bíi fífi ìwé báǹkì wéra pẹ̀lú lẹ́jà, kí ẹ sì fi títo fáìlì sí ọ̀sán. Kí wákàtí máa lé díẹ̀díẹ̀: mẹ́rin lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, mẹ́fà fún méjì mìíràn, kó tó di mẹ́jọ. Kí lẹ́tà sì sọ iye owó oṣù tí yóò gbà lásìkò yẹn. Ẹni tó jẹ́ pé òpin oṣù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gé owó òun kò ní gbọ́ ohun rere mìíràn tí ẹ bá sọ.

Ohun kẹrin ni iléeṣẹ́ kò lè fún un. Kò burú láti sọ pé kò ṣeé ṣe, bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ ti iṣẹ́ náà gan-an. "Àwa ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí" kì í ṣe ìdí. "Bí a bá ṣe é fún ẹ, gbogbo ènìyàn á máa béèrè" kì í ṣe ìdí. Èsì tó dára á kà báyìí:

"Ẹ ní kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. A ò lè ṣe é báyìí, nítorí ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ ń yẹ̀ wò kò gbọ́dọ̀ jáde nínú ọgbà iléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé fún wa pé ìjàdù ọkọ̀ láàárọ̀ ló ń rẹ̀ yín jù. Nítorí náà, ẹ máa dé ní aago mẹ́wàá, nígbà tí èrò ti fọ́n ká ní ibùdókọ̀. Ẹ máa wá bẹ́ẹ̀ kódà lẹ́yìn tí wákàtí yín bá ti pé mẹ́jọ. Bí èyí kò bá tó, ẹ jẹ́ ká mọ̀, a ó tún un wò."

Ẹ rí i pé èsì yìí wá ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè náà. Kì í ṣe ilé ló ń wá, ọkọ̀ ló ń sá fún.

Ohun kan tí mo kórìíra ni kí wọ́n gbé akọ̀wé lọ sí ẹnu ọ̀nà kó máa kí àlejò, kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, kí wọ́n sì pè é ní àánú. Ìrẹ̀sílẹ̀ nìyẹn, tí òun fúnra rẹ̀ kò bá béèrè fún un. Bákan náà, àìsàn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́. Bí ẹlẹgbẹ́ bá béèrè ìdí tó fi ń dé ní aago mẹ́wàá, ẹ sọ pé ètò tí iléeṣẹ́ ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ni, kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin yín tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìdọ́gba ti 2010 sọ àtúnṣe yìí di dandan fún agbanisíṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ, láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún un ni òfin náà ti dáàbò bò ó.

Ọjọ́ ni kó kẹ́yìn lẹ́tà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún jókòó, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkẹjọ, nítorí ohun tó tó lónìí lè má tó lọ́la, ohun tó sì nílò lónìí lè máà pọn dandan mọ́. Kí òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dà kan, kí fáìlì ní ọ̀kan. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wà lórí tábìlì yín báyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ "Mo ti rí i" sí etí rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ òní tó parí.