Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Oògùn Abẹ́ Tí A Ń Lò Lálẹ́

Ká ní ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ni àyẹ̀wò fi hàn pé kàǹdídà ló ń yún un lábẹ́, tó sì ń mú nǹkan funfun kíki bí wàrà jáde, tí wọ́n wá fún un ní kulotirimasóòlù, hóró 6 fún alẹ́ 6.

Nígbà tó bá fẹ́ sùn, kí ó fọ ọwọ́ mọ́, kí ó fi hóró kan sí ẹnu ọ̀pá ike tó bá oògùn wá, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún sókè, kí ó rọra ti ike náà wọlé débi tí kò ti ní ni ín lára, kí ó sì tẹ ìdí rẹ̀ títí oògùn yóò fi bọ́ sínú, kí ó tó yọ ọ́. Ìdùbúlẹ̀ ni kì í jẹ́ kí oògùn tètè ṣàn jáde; bí ó bá rí ẹfun díẹ̀ lára pátá láàárọ̀, kí ó má fòyà.

Ìyún lè rọlẹ̀ lálẹ́ kẹta, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: kàǹdídà tó ṣẹ́kù lè tún gbilẹ̀, nítorí náà kí ó lò ó títí dé hóró kẹfà.

Aláboyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà, nítorí ike lè pa á lára. Bí ọjọ́ 7 bá sì kọjá láìsí ìtura, tàbí tí òórùn burúkú, ibà tàbí inú rírun bá wà, ilé ìwòsàn yá.