Kọfí Àárọ̀, Oorun Alẹ́

Ọdún kẹta ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, nígbà tí oorun dá lójú rẹ̀. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ni yóò dùbúlẹ̀. Yóò yí síhìn-ín, yóò yí sọ́hùn-ún, títí aago méjì òru yóò fi kọjá. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dìde, nítorí aago mẹ́jọ ni kíláàsì àkọ́kọ́. Bí olùkọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀, yóò máa tòògbé. Kí ó má baà máa tòògbé, ó fi kún kọfí tó ń mu.

Ìyá rẹ̀ ní ìrònú ìdánwò ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní kí ó ra oògùn oorun. Èmi ní kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ gbogbo ohun tó bá jẹ àti ohun tó bá mu sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú aago tó mu ún. Nígbà tó mú ìwé náà wá, ohun kan náà ló ń fara hàn lójoojúmọ́: aago méje alẹ́, kọfí oníyẹ̀fun ṣíbí ìmutíì méjì, mílíìkì, ṣúgà. Ìyẹn ló fi ń kàwé alẹ́.

Mo fi hàn án. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, kọfí kì í dí mi lọ́wọ́ oorun. Nígbà mìíràn tí mo bá mu ún tán, mo ṣì máa ń tòògbé lórí ìwé."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ kí a wo ohun tí kọfí ń ṣe lágọ̀ọ́ ara. Láti ìgbà tí a bá ti jí ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adẹnósíìnì ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ. Bí ó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun ṣe ń kùn wá, nítorí ó ní àga tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Bí ó bá jókòó síbẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọ̀ọ̀. Kaféènì, èyí tó wà nínú kọfí, jọ adẹnósíìnì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gba àga náà jókòó, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ni àga. Adẹnósíìnì ò lọ síbì kankan. Ó ṣì ń kó jọ lóòró. Àárẹ̀ náà wà níbẹ̀, kọfí kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ohun tí ọmọ náà ò mọ̀ ni bí kaféènì ṣe ń pẹ́ tó lára. Láàárín bí wákàtí kan tí a mu ún, ó ti kún inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ túútúú, ṣùgbọ́n kì í yára ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó ń gbà tó bí wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ti àwọn kan ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn mìíràn lè gba wákàtí mẹ́sàn-án. Nínú aláboyún, ó ń pẹ́ gan-an.

A jókòó, a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ṣíbí kọfí méjì tó máa ń bù yẹn lè ní kaféènì bíi mílígíráàmù 120. Bí ó bá mu ún ní aago méje alẹ́, 60 ló kù ní ààjìn òru, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi ife tíì méjì tí kò lágbára. Ní aago márùn-ún ìdájí, 30 ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá mu kọfí kan náà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, 60 ni yóò kù ní aago méjì ọ̀sán, 30 ní aago méje alẹ́, tí yóò sì ku 15 péré ní ààjìn. Ìwọ̀n kan náà ni. Aago nìkan ló yí padà.

Ní ti pé kò dí i lọ́wọ́ oorun, Christopher Drake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Dẹtírọ́ìtì, ní Amẹ́ríkà, ti wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Wọ́n fún àwọn tí oorun wọn dára ní mílígíráàmù 400, ìyẹn bí ife kọfí líle mẹ́rin, nígbà tó ku wákàtí mẹ́fà kí wọ́n sùn. Ẹ̀rọ tó ń wọn oorun fi hàn pé ó gé ju wákàtí kan lọ kúrò nínú oorun wọn. Àwọn fúnra wọn kò rí i bẹ́ẹ̀ kedere. Ẹni tí kọfí ń jẹ lóorun lè má mọ̀ rárá, nítorí kaféènì tún máa ń sọ oorun jíjinlẹ̀ di fúyẹ́: ènìyàn á sùn, ṣùgbọ́n kò ní sinmi.

Mi ò ní kó má mu kọfí mọ́. Ẹni tó bá ti mọ́ lára tó sì dá a dúró lójijì, ẹ̀fọ́rí á máa dà á láàmú fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì sí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò ń bọ̀ fi níláti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó gbé e síwájú: ife kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, bí ó bá sì fẹ́ òmíràn, kó mu ún kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ìwé tó bá le jù, kó kà á ní ìrọ̀lẹ́, kó má fi í sílẹ̀ di alẹ́.

Àwọn alẹ́ àkọ́kọ́ kò rọrùn. Aago mẹ́sàn-án kì í tíì lù tí ojú rẹ̀ yóò ti máa wúwo, ó sì fóònù mi pé ìwé kíkà òun ti bàjẹ́. Mo ní kí ó fara dà á, oorun tó ti jẹ sílẹ̀ ni ara ń gbà padà. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, bí ó bá dùbúlẹ̀ ní aago mọ́kànlá, kì í pẹ́ tó fi ń sùn lọ, ó sì ń sùn di àárọ̀. Ó ní òun ti ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì dé òpin.

Ó wá di alẹ́ Sátidé kan, oorun tún dá. Kò mu kọfí rárá láti àárọ̀. Mo bi í léèrè ibi tó lọ. Ìdána ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lọ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n pín obì gbànja, ó sì jẹ ẹ́. Kaféènì wà nínú obì, ìdí nìyẹn tí àwọn ọdẹ alẹ́ àti awakọ̀ ọ̀nà jíjìn fi ń jẹ ẹ́. Ó wà nínú tíì àti kóòkì pẹ̀lú. Agolo ohun mímu amáragbóná kan tí kò ju sẹ̀ǹtílítà 25 lọ lè ní mílígíráàmù 80. Kódà àwọn oògùn ẹ̀fọ́rí kan ní in. Ẹ máa ka ara páálí wọn. Ẹni tó gbé kọfí síwájú, tó wá ń mu kóòkì ní alẹ́, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Gbogbo àìsùn kọ́ ló jẹ́ ti kọfí. Bí ẹ bá ti ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun ò sì tíì wá, tàbí tí ẹni tí ẹ jọ ń sùn bá sọ pé ẹ máa ń hanrun, tí èémí yín sì máa ń dá dúró lójú oorun, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má lọ ra oògùn oorun jẹ fúnra yín.